Kí Ló Dé Tí Irin Inú Ẹran Fi Ń Wọ Ẹ̀jẹ̀ Ju Ti Inú Ẹ̀wà Lọ?

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ dáhùn lónìí. Obìnrin kan tó lóyún oṣù márùn-ún ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní wọ́n sọ fún òun níbi ìtọ́jú aboyún pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó, pé kí òun máa lo oògùn tí wọ́n fún òun, kí òun sì máa jẹ oúnjẹ tó ní èròjà irin nínú. Ó wá lọ wádìí, ó rí i pé irin inú àwo ẹ̀wà kan lè pọ̀ ju irin inú ègé ẹran lọ. Ẹ̀wà ló sì ń jẹ ní gbogbo ìgbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo wá ni gbogbo irin yẹn ń gbà lọ?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ohun tó sì rí kò burú. Àwo ẹ̀wà sísè tó kún ife kan ní nǹkan bíi mílígíráàmù 4 irin nínú. Ègé ẹran màlúù sísè tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú àwo ni gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀wà ti borí. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú àwo yàtọ̀ sí irin tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìfun wà láàárín àwọn méjèèjì, ìfun kì í sì í gbà wọ́n bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹran. Kí ló dé tí ẹran màlúù fi pupa? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ni. Rárá o. Nígbà tí alápatà bá pa màlúù, ẹ̀jẹ̀ ti dà jáde. Pupa tó kù yẹn jẹ́ ti èròjà kan tó wà nínú iṣan ẹran fúnra rẹ̀, tó ń bá iṣan tọ́jú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pa mọ́. Ohun tó mú kó pupa ni nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní híìmù. Ẹ fojú inú wo òrùka kan, kí ẹ wá fi hóró irin kan há sí àárín rẹ̀ gan-an, kí òrùka náà dì í mú yíká. Híìmù nìyẹn. Òun kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi tìẹ, òun ló sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa pupa.

Irin inú ẹ̀wà, inú ẹ̀fọ́, inú àgbàdo, kò ní òrùka yìí. Ìhòòhò ló wà. Gbogbo ohun tí a máa sọ lónìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé: irin kan wọ ẹ̀wù, èkejì wà ní ìhòòhò.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé irin tó wà ní ìhòòhò yìí láti ẹnu títí dé ìfun. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà, ó dé inú ikùn, omi kíkan inú ikùn sì yọ́ irin náà kúrò lára ẹ̀wà. Títí dé ibí, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá kúrò ní ikùn tó wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ara máa ń da omi mìíràn sí i tó ń pa kíkan náà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìfun ti gba irin, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kíkan bá ti lọ, irin tó wà ní ìhòòhò kò lè wà ní yíyọ́ nínú omi mọ́. Ó máa ń dì, bí ìpẹtà tí ẹ máa ń rí lára páànù àtijọ́. Irin tó bá ti dì báyìí, ìfun kò lè gbà á. Ìgbẹ́ ló máa bá jáde.

Èyí tí kò dì ńkọ́? Àwọn kan ti ń dúró dè é lọ́nà. Nínú ẹ̀wà àti àgbàdo, èròjà kan wà tó ń jẹ́ fáítéètì. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú hóró ni pé ó ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ fún èhù tó máa hù. Nínú ikùn wa, ṣe ló máa ń rọ̀ mọ́ irin bí ẹ̀mọ́ ṣe ń mọ́ aṣọ. Nínú tíì, àti nínú èèpo ẹ̀wà pupa, èròjà mìíràn wà tó ń jẹ́ táníìnì, òun ló ń fún tíì ní ìkorò díẹ̀ tó máa ń mú ahọ́n gbẹ. Òun náà ń mú irin. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà, tó fi ife tíì tó dúdú dáadáa tì í, irin tó máa rí gbà lára ẹ̀wà yẹn lè dín ju ìdajì lọ.

Èyí tó bá wá bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, tó dé ẹnu ọ̀nà ìfun, wọn kò tíì ní jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn kì í gba irin ní ìrísí tó sábà máa ń wà nínú ewéko. Èròjà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Òun nìkan kọ́ ló sì ń lo ọ̀nà yẹn.

Ẹ wá wo irin inú ẹran. Nígbà tí ikùn bá ti da ẹran, òrùka híìmù á bọ́ jáde pẹ̀lú irin rẹ̀ nínú. Níbi tí kíkan ti lọ lẹ́nu ìfun, híìmù kì í dì. Fáítéètì kò rí irin dì mú, torí pé òrùka ti mú un. Táníìnì náà kò rí i dì mú. Odindi òrùka náà ni sẹ́ẹ̀lì ìfun ń gbà wọlé, irin sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá wọlé tán ni èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì á wá já òrùka náà, tí irin á jáde. Láti ibẹ̀ lọ, irin ẹran àti irin ẹ̀wà ti di ọ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n jọ ń gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú irin fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ọ̀nà tí híìmù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ títí di òní. Lọ́dún 2005, àwọn kan kéde pé àwọn ti rí ilẹ̀kùn náà. Lọ́dún 2006, àwọn mìíràn fi hàn pé iṣẹ́ gidi tí ilẹ̀kùn yẹn ń ṣe ni gbígba fólétì wọlé, ìyẹn fítámì kan tí àwọn aboyún mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n pé híìmù ń wọlé pẹ̀lú òrùka rẹ̀, ìyẹn kò sí nínú àríyànjiyàn.

Ó wá kù sí iye. Nínú 100 irin tó wà nínú híìmù, ara sábà máa ń gba láàárín 15 sí 35. Nínú 100 irin tó wà ní ìhòòhò, ó lè gba 2, ó lè gba 10, ó lè tó 20, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n jọ wà nínú àwo ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi èyí gbọ́: kì í ṣe gbogbo irin inú ẹran ló wà nínú òrùka. Iye tí àwọn onímọ̀ ti ń lò tipẹ́ ni nǹkan bí 40 nínú 100. Ìyókù wà ní ìhòòhò bíi ti ẹ̀wà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ní àwọn ọdún 1960, ní orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúélà, ọkùnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Miguel Layrisse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin àgbàdo àti ẹ̀wà dúdú, wọ́n sì fi irin tó ń tan ìtànṣán díẹ̀ bọ́ wọn. Wọ́n fún màlúù kékeré náà ní irú irin bẹ́ẹ̀, kó lè wọ inú ẹran rẹ̀. Irú irin yìí, ẹ̀rọ lè tọpa rẹ̀ níbikíbi tó bá lọ. Wọ́n sè é fún àwọn èèyàn tó gbà láti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì wo iye irin oúnjẹ yẹn tó ti di ara sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni oúnjẹ ojoojúmọ́ níbẹ̀, bíi tiwa náà. Bí ẹ ṣe lè retí, irin ẹran ló wọlé jù.

Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan kejì, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn ní ẹran tàbí ẹja pọ̀ mọ́ àgbàdo àti ẹ̀wà, irin inú ewéko fúnra rẹ̀ wọlé ju bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹran kò kàn mú irin tirẹ̀ wá. Ó tún fa irin ẹ̀wà lọ́wọ́ wọlé. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí iṣan ẹran bá ti ń dà nínú ikùn, àwọn ègé rẹ̀ ló máa ń di irin tó wà ní ìhòòhò mú díẹ̀, tí wọn kò ní jẹ́ kó dì, tí fáítéètì náà kò sì ní rí i mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí àwo kan. Ẹ̀wà nìkan: mílígíráàmù 4. Tí ara bá gba 5 nínú 100, ohun tó wọlé jẹ́ mílígíráàmù 0.2. Ó tán. Ẹ wá fi ègé ẹran kan sí i, tó ní mílígíráàmù 2. Nǹkan bíi 0.8 nínú rẹ̀ wà nínú òrùka, tí ara bá sì gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, 0.2 nìyẹn. Ìyókù irin ẹran náà jẹ́ 1.2, irin ẹ̀wà sì jẹ́ 4. Tí ẹran bá sọ 5 nínú 100 yẹn di 10, méjèèjì á fún wa ní nǹkan bíi 0.5. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 0.7. Irin inú àwo lọ láti 4 sí 6, kò tó ìlọ́po méjì. Irin tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ láti 0.2 sí 0.7, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ọkùnrin ń pàdánù nǹkan bíi mílígíráàmù 1 irin lóòjọ́. Obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù ń pàdánù nǹkan bíi 1.5 tí a bá pín in kárí oṣù. Tó bá lóyún, ohun tó nílò tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí oyún bá ti ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún aboyún tó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa pé ẹran kò lè rọ́pò oògùn irin tí wọ́n fún un. Kó máa lò ó.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Ta ni wọ́n ń bu ẹran fún jù? Baálé ilé. Ta ni kì í sábà kan? Ọmọdé. Gbogbo wa la gbọ́ ọ pé ọmọ tí wọ́n bá ń fún ní ẹran máa jalè. Nínú ìdílé tí ẹran ò tó, baálé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pàdánù irin tó kéré jù ló ń jẹ ègé mẹ́ta. Ìyá tó ń rí nǹkan oṣù ń fi egungun jẹ tirẹ̀, ọmọ tó ń dàgbà sì ń jẹ ọbẹ̀ lásán. Tó bá jẹ́ ìgbádùn nìkan ni ẹran wà fún, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ègé ẹran tí ẹ bù sínú àwo ọmọ yẹn ló máa ṣí ọ̀nà fún irin ẹ̀wà tó ń jẹ. Tí ẹ bá gé ègé mẹ́ta baálé sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ẹ sì pín in sí àwo mẹ́ta, ẹran yẹn ti ṣiṣẹ́ nínú àwo mẹ́ta. Kò ní ṣe iṣẹ́ tó tó ti odindi ègé mẹ́ta nínú àwo kọ̀ọ̀kan o, torí bí ẹran bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Irú ẹran wo? Àwọ̀ ló máa sọ fún yín. Bí ẹran bá ṣe pupa tó, bẹ́ẹ̀ ni híìmù rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹran màlúù ju adìẹ lọ, itan adìẹ sì ju àyà rẹ̀ lọ. Ẹja kò ní híìmù tó ti màlúù, ṣùgbọ́n iṣan ni òun náà, ó ń fa irin ẹ̀wà wọlé. Ẹ̀yin olólùfẹ́ pọ̀nmọ́, ẹ má bínú sí mi: awọ ni pọ̀nmọ́, kì í ṣe iṣan, kò sì pupa. Kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹyin, mílíìkì àti wàrà náà kò ní agbára yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ gidi ni wọ́n. Ohun kan náà tún wà: tí ẹ bá din ẹran títí tó fi gan pátápátá, òrùka híìmù kan á já nínú iná, irin rẹ̀ á sì wà ní ìhòòhò kó tó dé ẹnu yín.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran ńkọ́, tàbí ẹni tí owó rẹ̀ ò ká a? Ọsàn. Fítámì Sí inú ọsàn máa ń yí irin tó wà ní ìhòòhò sí ìrísí tí ẹnu ọ̀nà ìfun fẹ́, ó sì máa ń dì í mú kó má bàa dì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jọ pàdé nínú ikùn. Ọsàn tí ẹ bá jẹ ní alẹ́ kò lè ran ẹ̀wà àárọ̀ lọ́wọ́. Iná sì máa ń ba fítámì yìí jẹ́, nítorí náà ata àti tòmátò tó ti hó fún wákàtí kan kò lè dúró fún ọsàn tútù. Ẹ bó ẹ̀wà, bí ẹ ṣe ń ṣe fún mọ́ínmọ́ín àti àkàrà: táníìnì inú èèpo á lọ, àmọ́ fáítéètì tó wà nínú ẹ̀wà gan-an ṣì máa kù. Ẹ sún tíì síwájú, ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ.

Ọmọ ọwọ́ ló kàn, torí tiwọn ni kò gba ìdádúró. Irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ máa ń tó o lò títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ìgbà yẹn gan-an la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì. Kíkan tí a ń kan ògì máa ń dín fáítéètì kù, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n irin inú ògì fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, sísẹ́ tí a ń sẹ́ ẹ tún ń dín in kù. Ògì nìkan kò lè gbé ọmọ. Ẹja sísè tí ẹ yọ egungun rẹ̀ dáadáa, tí ẹ lọ̀ kúnná sínú ẹ̀wà tó rọ̀, ìyẹn ni irin tó lè wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Kí n tó lọ, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé irin òun ti ń tán? Àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀ ni pí-sí-fí. Àmọ́ pí-sí-fí máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ara máa ń kọ́kọ́ ná irin tó tọ́jú pa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣì dà bí pé ó tó nígbà tí àká ti gbófo. Àyẹ̀wò tó ń wo inú àká ni ti fẹ́rítíìnì. Pí-sí-fí tó lọ sílẹ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti irin. Ibà, aràn, àti àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde lè fà á. Ibà tún ń ṣe nǹkan mìíràn: nígbà tí ara bá ń bá a jà, ẹ̀dọ̀ máa ń ti ẹnu ọ̀nà tí irin ń gbà jáde láti ìfun sínú ẹ̀jẹ̀. Títí ibà yẹn á fi lọ, ẹ̀wà àti ẹran lè jọ wà nínú àwo kí díẹ̀ péré sì wọlé.

Nítorí náà, ẹ má kàn ra oògùn irin lọ́jà láìṣe àyẹ̀wò, pàápàá ẹni tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nígbà gbogbo. Ara wa kò ní ọ̀nà tó ń gbà da irin tó bá pọ̀ jù nù. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀ àti inú ọkàn rẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá bu ẹ̀wà lálẹ́ òní, ẹ wo ibi tí ẹran ń lọ kí ẹ tó gbé àwo sílẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dìgbà kan ná o.